Ta Ló Fi Pẹ́ńsùlù Kọ Orúkọ Jẹ́jẹ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan ni Jẹ́jẹ́ wọlé tọ̀ mí wá. Kò tíì bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ lọ́rùn. Ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ó ní, "Bàbá kékeré, wọ́n ti kọ orúkọ mi."

"Ta ló kọ ọ́? Síbo?"

"Sórí ìwé ètò iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ abẹ. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ò sì tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan."

Jẹ́jẹ́ nìkan ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sílẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni ẹ̀gbọ́n mi, òru ló sì máa ń rin ìrìn àjò, títí ìrìn àjò náà fi mú un lọ. Jẹ́jẹ́ kọ́ ni orúkọ tí a sọ ọmọ náà, ìwà ẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní kékeré, bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíì, igbe ni wọ́n ń ké. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ tiẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ṣa àfọ́kù jọ, á tún wọn tò kó lè mọ̀ bóyá ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ àga. Igbe kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún, ẹsẹ̀ ẹni tó máa tẹ àfọ́kù ló ń rò.

Ó ti di dókítà báyìí. Ó fi ọdún kan gbáko yí gbogbo ẹ̀ka ilé ìwòsàn ńlá náà ká: oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, lọ́dọ̀ àwọn aláboyún, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àìsàn inú ara. Ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún ẹ̀rọ ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, tó fi jẹ́ pé "Ọ̀gá Ẹ̀rọ" ni gbogbo ayé ń pè mí, títí kan ìyá Jẹ́jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka kan ṣoṣo lèèyàn máa kọ, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti kọ́ ọ títí á fi di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ níbẹ̀. Agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tó bá wọlé tó wá rí i pé òun ti ṣìnà, ó lè jáde o, àmọ́ ọdún tó fi síbẹ̀ ti jóná nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí. Ìyẹn ni pẹ́ńsùlù yẹn ṣe dùn mí. Bíbẹ̀rẹ̀ tí ọmọ yìí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹnì kan ti bá a bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá Abẹ, olórí wọn, bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Kò bá mi sọ nǹkan kan, Bàbá kékeré. Ẹ bá mi wádìí ẹ̀. Ẹ mọ gbogbo wọn."

Ìfura loògùn àgbà. Mo ní kó lọ bọ́ aṣọ, kó jẹun, kó sùn. Bó ṣe jáde, mo fa ìwé kan jáde látinú dúróà, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Èmi kì í kọ́kọ́ ṣírò owó. Òru ni mo máa ń ṣírò, torí ẹni tó ti ta òru ẹ̀ kò rí i rà padà. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, òru kan nínú mẹ́ta ni wọ́n fi ń dúró de ìpè, ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ wọn. Mo sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin òru. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó gé e, òru kan nínú mẹ́rin ni, ọdún márùn-ún: ó lé ní àádọ́ta-lé-nírinwó. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo awọ ara, bí wọ́n bá pe ẹnì kan lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, wọ́n á ròyìn ẹ̀ dọ́dún kejì. Èèyàn sì lè dá yàrá tiẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò, aláìsàn á máa wá fúnra wọn, torí kò sẹ́ni tí ara kì í yún. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹnì kan péré ni wọ́n ń mú lọ́dún, mẹ́sàn-án sì ti ń rìn yí ibẹ̀ ká. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ń wá mẹ́jọ, mẹ́ta péré ló ti wá. Àwọn akunilóorun ń wá mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò tíì wá.

Mo tún bojú wo "mẹ́jọ, mẹ́ta péré" yẹn. Ibi tí èèyàn kò bá ti pé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá ìyá ẹ̀. Olùkọ́ ni obìnrin náà, ó sì ti ń sọ fún gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé oníṣẹ́ abẹ lọmọ òun máa dà. Mo bá a nídìí ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì, báírò pupa lọ́wọ́.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé o lọ rí Ọ̀gá Abẹ?"

"Kí n lọ rí i fún kí ni? Ṣé mo so ìpá ni?"

"Orúkọ ọmọ rẹ wà lórí ìwé wọn."

Inú ẹ̀ dùn kó tó rántí pé ó yẹ kó yà á lẹ́nu. Mo rí i. Ó gbé báírò sílẹ̀. "Ṣé lóòótọ́? Ta ló kọ ọ́?"

"Ohun tí mò ń bi ọ́ nìyẹn."

"Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó bá purọ́ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ èèyàn. Ọlọ́run ń gbọ́, n kò débẹ̀. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣeun. Ṣé awọ tẹ́ ẹ ń wí náà lẹ ṣì ń wí? Kí ọmọ mi ka ìwé tó tó báyìí, kó wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá?"

"Ìyàwó wa, lọ́dọ̀ wọn, méjèèjì ni wọ́n ń pa."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi mí pé kí lọmọ mi ń ṣe, kí n wá ní kúrúnà ló ń wò?"

"Ta ló ń bi ọ́? Ṣé àwọn tó ń bi ọ́ ló máa jí lóru?"

"Bàbá ẹ̀ náà jí lóru fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbọ̀nà míì lọ, mo sì jẹ́ kó lọ. Mo dìde. N kò tíì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí mò ń fura sí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lọ́jọ́ Rú, mo wọ ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ sọ òótọ́ nípa ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, torí kò pẹ́ tó fi padà wá bá mi. N kò gba ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ tààrà. Mo kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ àwọn aláwọ ara. Nígbà kan, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ara aláìsàn wọn kú fún oṣù mẹ́ta, èmi ni mo jí i. Mo jókòó síwájú olórí wọn, mo rán an létí iná náà, mo sì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà. Ọkùnrin náà ní kò burú, òun gbọ́. Mo jáde, mo tún ọrùn aṣọ mi ṣe, mo lọ máa wádìí ẹni tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn.

Ìwé ètò iṣẹ́ náà wà lára pákó lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Abẹ, bí Jẹ́jẹ́ ṣe wí. Báírò ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn mẹ́ta. Ìkẹrin, tiẹ̀, pẹ́ńsùlù ni. Abẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́rin ṣófo. Ìwé ọdún tó ń lọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo kà á: nínú àwọn mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fa ìlà lé orúkọ àwọn mẹ́ta tó ti jáde. Mo fọwọ́ kan ìlà náà. Ẹnikẹ́ni tó fà á fà á tagbára tagbára.

Akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé náà jókòó sínú yàrá kótópó kan tí fáìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e síta. A ti mọra tipẹ́. Mo kí i, mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè orúnkún. Lẹ́yìn náà mo ní, "Pẹ́ńsùlù tó wà lára pákó yẹn, ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ mi ni, Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́."

"Ta ló bẹ Ọ̀gá?"

"Ẹnì kankan ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló sọ pé òun ń bọ̀."

"Irọ́ ni."

"Ó dáa, irọ́ ni." Ó fa fáìlì kan mọ́ra. "Èmi ṣá, ohun tí wọ́n bá ní kí n kọ ni mò ń kọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ fọ́ọ̀mù, mi ò kì í fi báírò kọ ẹnikẹ́ni."

Mo jáde. Mo ń rò ó pé ọ̀gá ti purọ́ mọ́ ọmọ yìí, ọmọ yìí ò sì ní lẹ́nu láti já a. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti pàdé Ìyá Oorun.

Òun ni olórí àwọn akunilóorun. Obìnrin kúkurú ni, ara ẹ̀ le bí igi, bàtà rọ́bà ẹ̀ kì í dún, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn èèyàn ló máa ń wà kó tó mọ̀ pé ó dé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tún ẹ̀rọ ẹ̀ ṣe, n kò gbọ́ kó yin ẹnì kan rí. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọmọ yín yẹn. Ojú ẹ̀ dára."

Ẹni tí kì í yinni tó wá ń yinni, ó ní ohun tó ń wá. Mo ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ń wá èèyàn mẹ́rin, ẹ ò tíì rí ọ̀kan."

"Òótọ́ ni. Mẹ́rin ló lọ sókè òkun láàárín ọdún kan. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gé èèyàn láyé ni wọ́n ti ń wá wa, torí kò sí oníṣẹ́ abẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wa. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí àlàfo ni, mi ò ní sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú ẹ̀ dára, ẹnu ẹ̀ ni ò sí."

"Báwo?"

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan lè kọjá. "Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé bàbá arúgbó kan wá fún iṣẹ́ abẹ ìpá. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí a fẹ́ kùn lóorun kò gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀ yẹn. Tóorun bá gbé e, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo ṣí fáìlì bàbá, mo rí i níbẹ̀, ó hàn gbangba: 'Aláìsàn mu tíì oní mílíìkì ní agogo méje.' Ọwọ́ ọmọ yín ni. Òun nìkan ló bi bàbá yẹn léèrè. Agogo mẹ́sàn-án la wà. Ó dúró níbẹ̀, Ọ̀gá Abẹ ní ká gbé bàbá wọlé, ọmọ yín ní 'bẹ́ẹ̀ ni sà,' ó sì ti bẹ́ẹ̀dì náà wọlé."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ìpá tí bàbá ti gbé kiri fún ọdún mẹ́wàá lè dúró dọ̀la. Ọ̀gá Abẹ pariwo. Ó ti mọ́ mi lára. Èèyàn rò pé iṣẹ́ wa ni ká gún abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kéré nínú ẹ̀. Iṣẹ́ wa ni ká wo ẹni tó mú abẹ dání lójú, ká ní 'rárá.' Ọmọ tó rí nǹkan tó kọ ọ́ sílẹ̀ àmọ́ tí kò lè sọ ọ́, inú ìwé ló máa pa aláìsàn sí." Ó yí padà. "Ẹ má sọ fún un pé mo yìn ín."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá. N kò mọ̀ bóyá ó ń fà á ni àbí ó ń lé e. Ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni sà" tí Jẹ́jẹ́ sọ yẹn ni mo gbé wálé.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, Jẹ́jẹ́ wá. Ó gbé ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn sí dání, èyí tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó jókòó.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ǹjẹ́ Ọ̀gá Abẹ bi ọ́ rí bóyá wàá wá sọ́dọ̀ wọn?"

"Rárá."

"Rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Mo rí i tí ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan àpò tó bá ihò níbẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ kan là ń yí wọ́ọ̀dù ká. A wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ obìnrin kan. Ó ṣàdédé bojú wò mí, ó ní, 'Ọ̀dọ̀ wa lò ń bọ̀, àbí?'"

"O wá ní kí ni?"

Ó ń ṣí ojú ewé ìwé ọwọ́ ẹ̀.

"Jẹ́jẹ́."

"Mo ní 'bẹ́ẹ̀ ni sà.'" Ó fọwọ́ bojú. "Kí ni kí n sọ, Bàbá kékeré? Èèyàn mẹ́rìnlá ló dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń sọ fún ọ̀gá pé rárá lójú aláìsàn? Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń dáhùn! Tó bá ní ilẹ̀ ti ṣú, tó sì jẹ́ ọ̀sán gangan, 'bẹ́ẹ̀ ni sà' ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta tọ ipa ẹ̀ kiri ṣe já sí. Ìyá ẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀, akọ̀wé ò purọ́, ọ̀gá ò jí i kọ. Ẹyin lohùn, ẹnu tiẹ̀ gan-an ló ti bọ́.

Mo ní, "Mo ti ṣírò ẹ̀ fún ọ." Mo ṣí ìwé mi. Mo kà á: òru báyìí, ọdún báyìí, àlàfo báyìí. Mo ní awọ ara ló dára jù fún ẹni jẹ́jẹ́. Kò sí ìpè òru, kò sí ariwo, kò sí ẹni tó ń jà níwájú ẹni. Mo ní àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ́ ṣègbéyàwó náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, "Bàbá kékeré, lánàá olórí àwọn aláwọ ara dá mi dúró lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n kí yín. Ó ní iná ẹ̀rọ náà ṣì ń tàn."

N kò rí ibi wò.

"Ẹ ń wá ẹni tó ń bá mi yàn lẹ́yìn mi," ó ní. "Ṣé ẹ ti wá inú ilé yìí náà?"

"Torí bàbá ẹ ni mo ṣe ṣe é. Òru ló pa á. N kò fẹ́ òru kankan fún ọ."

"Mo mọ̀." Ohùn ẹ̀ rọ̀. "Àmọ́ ẹ wo èyí."

Ó ṣí ìwé iṣẹ́ náà síwájú mi. Ojú ewé àwọn aláwọ ara mọ́ tónítóní, ohun tí wọ́n ní kí ó kọ nìkan ló wà níbẹ̀. Orí ojú ewé àwọn oníṣẹ́ abẹ ni mo ti dúró. Lójú ìlà, ó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: àpẹ́ńdíìsì, ìfun kékeré tó wú, ni wọ́n yọ, òun ló di irin tó ń la ojú ọgbẹ́ mú. Ó tán. Ṣùgbọ́n létí ìwé, lọ́wọ́ wínníwínní, ó kọ iye tí ọkàn aláìsàn ń lù, ìfúnpá, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ojú ewé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìkẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Níbì kan ó kọ ọ́ pé: "Ọkàn ti ń sáré kí ẹ̀jẹ̀ tó hàn."

"Ta ló ní kó o kọ èyí?"

"Kò sẹ́nì kan. Ọ̀gá Abẹ ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ojú mi kì í sí lára ọgbẹ́. Lára ẹ̀rọ ló máa ń wà. Ọgbẹ́ máa ń sú mi, Bàbá kékeré. Ẹ̀rọ kì í sú mi. Mo lè jókòó tì í fún wákàtí mẹ́jọ."

Èmi náà ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó ti ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Mo mọ iye èèyàn tó lè tẹjú mọ́ wọn nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kun aláìsàn lóorun tí wọ́n sì ń bá a sùn.

Mo rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn akunilóorun lọkàn ẹ̀ wà, síbẹ̀ mo bá a wí bó ṣe yẹ kí àgbà wí. Mo ní yàrá iṣẹ́ abẹ tutù, orúnkún mi tó ń ro mí yìí, ibẹ̀ ni mo ti gbé e wá. Mo ní aláìsàn kì í mọ orúkọ akunilóorun, oníṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn wá fún. Mo ní kò lè dá yàrá tiẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò, torí ta ló máa wọlé wá ní "ẹ kùn mí lóorun"? Òru àádọ́ta-lé-nírinwó ńkọ́?

Ó ní, "Òru wọn mọ níwọ̀n. Tí wákàtí mi bá pé, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sí aláìsàn tó ń tẹ̀lé mi délé."

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo wá sọ ohun tí Ìyá Oorun sọ nípa tíì oní mílíìkì. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ, àfi ìyìn.

"Mo rò pé ẹni tó bá ka fáìlì á rí i," ó ní.

"Tí kò bá kà á ńkọ́?"

Ó di ìwé ẹ̀. "Àfi kí n kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá Abẹ. Tí n kò bá lè sọ ọ́ fún un lórí orúkọ ara mi, n kò ní lè sọ ọ́ lórí ẹ̀mí ẹlòmíì. Á jẹ́ pé kí n lọ máa wo kúrúnà."

Ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Abẹ. Jẹ́jẹ́ wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn kì í pa dé dáadáa. Èmi gan-an ni mo de ìdè ẹ̀ nígbà kan, n kò dè é le tó.

"Sà, orúkọ mi wà lórí ìwé yín."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ pa á rẹ́."

Mo gbọ́ tí àga kan pariwo. "Kí lo sọ?"

Mo di etí àga mú. Mo rò pé ó ti tán. Mo rò pé á ní "kò sí sà," á jáde, á kọ fọ́ọ̀mù oníṣẹ́ abẹ, á ta ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin òru.

Ó ní, "Rárá ni mo sọ, sà. Mi ò ní wá. Nígbà tẹ́ ẹ bi mí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ọ̀wọ̀ ni mo fi dá yín lóhùn. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú."

"Ọ̀wọ̀! Mo ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé mo ní mẹ́rin." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Obìnrin onírọ́bà yẹn ni, àbí? Ó ti ń jí ọmọ mi kó látọjọ́ yìí."

"Kò bá mi sọ̀rọ̀, sà."

"Àbí bàbá kékeré rẹ tó ń gbọ́ wa níta yẹn? Mò ń wo bàtà ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn."

Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

"Awọ ara ni bàbá kékeré fẹ́, sà. Ẹ̀yin fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Màmá mi náà fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo fẹ́ ìkunilóorun."

"Ìwọ? Tó ò lè pa eṣinṣin! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá mi jà lójoojúmọ́."

"Bàbá onípàá yẹn, sà. Mo mọ̀ pé ó ti mu tíì. Mo kọ ọ́, mi ò sọ ọ́. Ì bá kú mọ́ yín lọ́wọ́. Mi ò tún ní dákẹ́ mọ́."

Ó ní, "Ìwọ lo kọ ìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"'Bẹ́ẹ̀ ni sà.' Èwo lèyí? Ti ọ̀wọ̀ àbí tòótọ́?"

"Tòótọ́ ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò ní rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ níbí o."

"Mo mú tèmi dání."

Ó jáde, iwájú orí ẹ̀ ń dán fún òógùn. Kò wò mí. Ó lọ síbi pákó, ó pa orúkọ ara ẹ̀ rẹ́ jẹ́jẹ́, ó fẹ́ èérún ẹ̀ dànù. Ó wá jókòó tì mí, ó fi itan ṣe tábìlì, ó fi báírò kọ fọ́ọ̀mù ìkunilóorun.

Nígbà tó lọ fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́, mo dìde lọ wo pákó náà. Ó pa á rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé yẹn máa ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, èèyàn ṣì lè kà á. Mo rò ó wò bóyá Ọ̀gá Abẹ náà á máa kà á lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá sọ fún un pé kó gbé abẹ sílẹ̀, àti bóyá á fẹ́ gbẹ̀san.

Ìyá Oorun ló fọhùn lẹ́yìn mi. N kò gbọ́ ìgbà tó dé.

"Ó sọ 'rárá' fún un?"

"Ó sọ ọ́."

"Lẹ́ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Á kù díẹ̀," ó ní, bàtà rẹ̀ tí kì í dún sì gbé e lọ.